Àwọn tó wà létí ààlà: bí SVM ṣe ń pín nǹkan sí méjì

Nínú gbogbo ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ́ kọ̀ǹpútà láti dá nǹkan kan mọ̀ yàtọ̀ sí òmíràn, èyí tí mo fẹ́ràn jù lọ ni sọ́pọ́ọ̀tì fẹ́kítọ̀ maṣíìnì, tí gbogbo wa ń pè ní SVM. Kì í ṣe pé òun ló lágbára jù lóde òní. Ohun tó mú kó wọ̀ mí lọ́kàn ni pé tó bá ti wo gbogbo dátà tí a kó síwájú rẹ̀ tán, díẹ̀ nínú wọn ló máa ń dì mú. Bí a bá da ìyókù nù, tí a ní kó tún iṣẹ́ náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, ibi tó fa ìlà tó fi pín wọn sí tẹ́lẹ̀ náà ló máa tún fà á sí.

Ọ̀pọ̀ àlàyé tí mo ti kà nípa rẹ̀ ló máa ń ti orí áljẹ́brà bẹ̀rẹ̀, tí òǹkàwé á sì ti rẹ̀ kó tó dé ibi tó dùn. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ nípa àwọn díẹ̀ tó ń dì mú yẹn ló yẹ ká fi ṣáájú. Ẹni tó bá ti yé, á rí ìdí tí àyè ẹ̀gbẹ́ ìlà tí wọ́n ń pè ní májìn fi wà, á rí ohun tó ń ba SVM jẹ́, á sì rí bí ọ̀nà kúkúrú tí wọ́n ń pè ní kẹ́nẹ́ẹ̀lì ṣe rí àyè wọlé.

Ẹ jẹ́ ká lo dátà kan tí ẹnikẹ́ni lè rí lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ láìsanwó. Òdòdó kan wà tó ń jẹ́ áíríìsì. Edgar Anderson, onímọ̀ nípa ewéko, ló wọn àwọn òdòdó náà. Ronald Fisher, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sì tẹ àwọn nọ́mbà náà jáde lọ́dún 1936. Gbogbo wọn jẹ́ 150, oríṣi mẹ́ta, 50 lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn oríṣi náà ni setosa, versicolor àti virginica. Ẹ jẹ́ ká fi virginica sílẹ̀ ná, ká mú méjì àkọ́kọ́. Ohun méjì péré la fẹ́ mọ̀ nípa òdòdó kọ̀ọ̀kan: bí ewé òdòdó rẹ̀ ṣe gùn tó àti bó ṣe fẹ̀ tó, ní sẹ̀ǹtímítà. Ewé òdòdó setosa kéré: èyí tó gùn jù nínú wọn kò ju 1.9 lọ. Ti versicolor tóbi jù bẹ́ẹ̀: èyí tó kúrú jù nínú wọn jẹ́ 3.0.

Bí a bá wá ya gbogbo wọn sórí bébà, kí gígùn máa lọ sí ọ̀tún, kí fífẹ̀ máa lọ sókè, òdòdó kọ̀ọ̀kan á di àmì kan. A óò rí ìdì àmì méjì, ọ̀kan nísàlẹ̀ lápá òsì, èkejì lókè lápá ọ̀tún, àyè sì wà láàárín wọn. Ìlà tí a lè fà gba inú àyè yẹn kò lóǹkà. Gbogbo wọn ló máa pín òdòdó ọgọ́rùn-ún náà láìṣe àṣìṣe kankan. Èwo wá ni ká mú?

Ìdáhùn SVM ni pé ká mú ìlà tí àyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì bá pọ̀ jù lọ kó tó kan àmì kankan. Àyè yẹn ni wọ́n ń pè ní májìn. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Òdòdó tí a óò já lọ́la kò ní rí bákan náà gẹ́lẹ́ pẹ̀lú èyí tí a já lónìí, ọwọ́ ẹni tó ń fi rúlà wọn nǹkan sì máa ń yẹ̀ díẹ̀. Ìlà tó bá fara ti setosa kan tímọ́tímọ́, setosa mìíràn tó fi díẹ̀ tóbi ju ìyẹn lọ ti bọ́ sódìkejì, a ó sì pè é ní versicolor. Ìlà tó dúró láàárín gbùngbùn ń fún ìhà méjèèjì láyè láti yẹ̀.

Báwo la ṣe ń rí ìlà náà? Fún òdòdó wọ̀nyí, kódà rúlà lè ṣe é. Setosa tó sún mọ́ ìhà kejì jù lọ ní gígùn 1.9 àti fífẹ̀ 0.4. Versicolor tó sún mọ́ ọn jù ní gígùn 3.0 àti fífẹ̀ 1.1. Láti àmì kan sí èkejì, ó jẹ́ 1.1 lọ sí ọ̀tún, ó sì jẹ́ 0.7 lọ sókè. Bí a bá wọn ọ̀nà tààrà tó wà láàárín wọn, ó jẹ́ nǹkan bíi 1.30 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ mú àárín gbùngbùn ọ̀nà yẹn, níbi tí gígùn ti jẹ́ 2.45 tí fífẹ̀ sì jẹ́ 0.75, kí ẹ fa ìlà kan dábùú rẹ̀ níbẹ̀. Ìlà SVM nìyẹn. Òfin tó jáde látinú rẹ̀ ni pé kí ẹ mú gígùn ní ìlọ́po 1.1, kí ẹ mú fífẹ̀ ní ìlọ́po 0.7, kí ẹ ro méjèèjì pọ̀; bó bá ju 3.22 lọ, versicolor ni, bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, setosa ni. Kì í ṣe gbogbo dátà ló máa ń rọrùn báyìí, nítorí lọ́pọ̀ ìgbà àmì mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló máa ń pawọ́ pọ̀ di ìlà mú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i lè ní kí kọ̀ǹpútà ṣe é:

```python
from sklearn.datasets import load_iris
from sklearn.svm import SVC

X, y = load_iris(return_X_y=True)
X, y = X[:100, 2:], y[:100]
m = SVC(kernel="linear", C=1e6).fit(X, y)
print(m.support_vectors_)
```

Ohun tó máa tẹ̀ jáde ni àmì méjì yẹn: 1.9 àti 0.4, lẹ́yìn náà 3.0 àti 1.1. Àwọn ni sọ́pọ́ọ̀tì fẹ́kítọ̀. Àwọn méjìdínlọ́gọ́rùn-ún tó kù kò sọ ohunkóhun nípa ibi tí ìlà wà. Ẹni tó bá mọ oko dáadáa mọ̀ pé pérégún ni wọ́n ń gbìn sójú ààlà. Igi kòkó tó wà láàárín oko lè kú, olóko lè gé e, ààlà kò ní yẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnì kan hú pérégún kan, kó lọ gbìn ín síwájú díẹ̀, ẹjọ́ ti dé nìyẹn. Òdòdó méjì yìí ni pérégún wa.

Mo fẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí èyí, torí ohun kan wà níbẹ̀ tí mo kà sí ohun tó rẹwà jù nínú ẹ̀kọ́ yìí. Ká ní a mú òdòdó kan kúrò, a jẹ́ kí SVM kọ́ ẹ̀kọ́ láti ara mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún tó kù, a wá fi èyí tí a mú kúrò dán an wò. Bí òdòdó náà kì í bá ṣe sọ́pọ́ọ̀tì fẹ́kítọ̀, ìlà kò ní yí, torí náà SVM á gbà á. Àwọn méjì tó wà létí ààlà nìkan ni ẹ̀rù lè bà wá lórí wọn. Nítorí náà, bí a bá ṣe ìdánwò yìí fún gbogbo ọgọ́rùn-ún lọ́kọ̀ọ̀kan, àṣìṣe kò lè ju méjì lọ. A mọ èyí kí a tó ṣe ìdánwò rárá, látara kíka sọ́pọ́ọ̀tì fẹ́kítọ̀ nìkan. Bí wọ́n bá kéré sí iye gbogbo dátà, ọkàn wa lè balẹ̀ díẹ̀. Bí wọ́n bá pọ̀ lápọ̀jù, ó yẹ ká fura.

Mọ́sìkò ni èrò ìlà tí àyè rẹ̀ fẹ̀ jù yìí ti wá. Vladimir Vapnik àti Alexey Chervonenkis ló ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ ní àwọn ọdún 1960, nílé ẹ̀kọ́ ìwádìí kan tó wà fún ìmọ̀ ìdarí ẹ̀rọ. Ó wà níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ láìjẹ́ pé ọ̀pọ̀ èèyàn ní ìhà ìwọ̀ oòrùn ayé kà á sí. Ohun méjì ló ń dí i lọ́wọ́, méjèèjì sì hàn nínú òdòdó wa.

Àkọ́kọ́ ni pé ohun tó gbára lé àwọn díẹ̀, àwọn díẹ̀ náà lè ba á jẹ́. Ká ní ẹni tó ń tẹ nọ́mbà sínú kọ̀ǹpútà ṣèèṣì tẹ 2.9 dípò 1.9 fún setosa etí ààlà yẹn. Àṣìṣe kan ṣoṣo, lórí òdòdó kan ṣoṣo nínú ọgọ́rùn-ún. Májìn tó jẹ́ 1.30 á wálẹ̀ sí nǹkan bíi 0.70. Ìlà náà á sì yí: tẹ́lẹ̀, gígùn ló wúwo ju fífẹ̀ lọ nínú òfin, nísinsìnyí, fífẹ̀ á wúwo tó ìlọ́po mẹ́ta gígùn. Ká tiẹ̀ ní ó tẹ nọ́mbà tó ju setosa náà sí àárín àwọn versicolor ńkọ́? Kò ní sí ìlà kankan tó lè pín wọn mọ́, iṣẹ́ parí.

Corinna Cortes àti Vapnik ló tẹ ojútùú rẹ̀ jáde lọ́dún 1995. Wọ́n gbà kí àwọn àmì kan wọ inú májìn, kí wọ́n tiẹ̀ kọjá sódìkejì ìlà pàápàá, ṣùgbọ́n kí wọ́n san owó ìtanràn, bí wọ́n bá sì ṣe wọlé jìnnà tó ni owó náà á ṣe pọ̀ tó. SVM á wá wá ìlà tó mú kí májìn fẹ̀ tí ìtanràn kò sì pọ̀ jù. Nọ́mbà tó ń sọ bí ìtanràn ṣe gbóná tó ni C. Bí C bá tóbi gan-an, bíi èyí tí mo lò lókè yẹn, SVM kò ní gba ìgbàkugbà, á sì máa tẹ̀ lé àṣìṣe ẹni tó tẹ nọ́mbà. Bí C bá kéré, á gbójú fo 2.9 yẹn, á jẹ́ kó san ìtanràn rẹ̀, ìlà á sì dúró sí ibi tí ọ̀pọ̀ òdòdó ń tọ́ka sí. Ohun tí a ń san fún èyí ni pé àwọn tó wà nínú májìn náà ti di sọ́pọ́ọ̀tì fẹ́kítọ̀, torí náà iye wọn á pọ̀ sí i.

Ìdíwọ́ kejì ni pé ìlà tó gún régé kò tó fún gbogbo nǹkan. Ẹ jẹ́ ká pe virginica padà, ká sì wo gígùn ewé òdòdó nìkan. Setosa wà nísàlẹ̀, versicolor wà láàárín, virginica wà lókè. Bí ìbéèrè wa bá jẹ́ "Ṣé versicolor ni, àbí òun kọ́?", kò sí ibi kan ṣoṣo tí a lè gé tó máa dáhùn rẹ̀, torí pé àwọn tí kì í ṣe versicolor wà ní ìhà méjèèjì.

Ẹ wá fi nọ́mbà kejì kún ti òdòdó kọ̀ọ̀kan: gígùn rẹ̀ tí a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀. Setosa tó gùn tó 1.5 á di 1.5 àti 2.25. Versicolor tó gùn tó 4 á di 4 àti 16. Virginica tó gùn tó 6 á di 6 àti 36. Ẹ ya wọ́n sórí bébà. Àwọn àmì tó wà lórí ìlà kan ṣoṣo tẹ́lẹ̀ ti tẹ̀ báyìí bí abọ́, versicolor sì bọ́ sí àárín abọ́ náà. Ìlà kan tó gún régé lè wá gba orí versicolor kọjá, kí ó fi setosa àti virginica sókè lápá méjèèjì. Ìlà tó gba ibi tí gígùn ti jẹ́ 2.45 àti 4.9 á ṣe é dáadáa, yàtọ̀ sí versicolor àti virginica díẹ̀ tó wọnú ara wọn, tí C á bójú tó. A kò yí SVM padà rárá. Dátà la gbé lọ sí ibi tó láyè jù.

Ìṣòro ibẹ̀ ni owó iṣẹ́. Ní Bell Labs ti ilé-iṣẹ́ AT&T ní New Jersey, tí Vapnik kó lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwòrán nọ́mbà tí wọ́n fọwọ́ kọ sára lẹ́tà ni wọ́n ń fẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa kà. Àwòrán kọ̀ọ̀kan jẹ́ 16 ní ìbú àti 16 ní òró, ìyẹn nọ́mbà 256. Bí a bá fẹ́ sọ gbogbo méjì-méjì nínú wọn di púpọ̀ pẹ̀lú ara wọn, nọ́mbà tuntun tó máa jáde fún àwòrán kan ṣoṣo á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 33,000. Bó bá jẹ́ mẹ́ta-mẹ́ta, á kọjá mílíọ̀nù kan. Ta ló fẹ́ kó ìyẹn sínú kọ̀ǹpútà ayé ìgbà yẹn?

Ibí ni ọ̀rọ̀ àwọn díẹ̀ tí SVM ń dì mú ti wúlò. Nígbà tí SVM bá ń wá ìlà, kò nílò láti mọ ibi tí àmì kọ̀ọ̀kan dúró sí. Ohun kan ṣoṣo tó ń béèrè ni báwo ni àmì yìí ṣe jọ àmì yẹn tó. Bákan náà ló rí nígbà tí òdòdó tuntun bá dé: á fi wé àwọn sọ́pọ́ọ̀tì fẹ́kítọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, á sì fi ìyẹn dájọ́. Bí a ṣe ń fi méjì wéra ni pé ká sọ nọ́mbà àkọ́kọ́ ti ọ̀kan di púpọ̀ pẹ̀lú àkọ́kọ́ ti èkejì, ìkejì pẹ̀lú ìkejì, ká máa bá a lọ bẹ́ẹ̀, ká wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ìyẹn nìkan. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá lè sọ fún SVM iye tí ìfiwéra náà máa jẹ́ ní ibi tó láyè yẹn, SVM kò ní béèrè bóyá ẹnikẹ́ni dé ibẹ̀.

Ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣe èyí. Àmì kan jẹ́ 1 àti 2. Èkejì jẹ́ 3 àti 4. Ká kọ́kọ́ gba ọ̀nà tó jìn. Ẹ sọ nọ́mbà àmì àkọ́kọ́ di púpọ̀ méjì-méjì: 1 pẹ̀lú 1, 1 pẹ̀lú 2, 2 pẹ̀lú 1, 2 pẹ̀lú 2. Ó fún wa ní 1, 2, 2, 4. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún èkejì: 9, 12, 12, 16. Ẹ wá fi wọ́n wéra: 9, 24, 24 àti 64. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 121. Ẹ jẹ́ ká wá gba ọ̀nà kúkúrú. Ẹ fi àwọn àmì náà wéra bí wọ́n ṣe wà látilẹ̀: 1 pẹ̀lú 3 jẹ́ 3, 2 pẹ̀lú 4 jẹ́ 8, àròpọ̀ jẹ́ 11. Ẹ sọ 11 di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀. 121 náà ni.

Kì í ṣe àkọsẹ̀bá. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn pẹ̀lú nọ́mbà èyíkéyìí. Fún àwòrán 256, ẹ fi wọ́n wéra lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sọ èsì náà di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, ẹ ti dé ibi tó ní nọ́mbà 33,000 láìkọ ìkankan nínú wọn sílẹ̀. Bí ẹ bá tún fi èsì àkọ́kọ́ yẹn sọ ọ́ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ ti dé ibi tó ju mílíọ̀nù lọ. Ọ̀nà kúkúrú yìí ni wọ́n ń pè ní kẹ́nẹ́ẹ̀lì. Àwọn onímọ̀ mẹ́ta ní Rọ́ṣíà, Aizerman, Braverman àti Rozonoer, ti lo irú rẹ̀ lọ́dún 1964 fún iṣẹ́ mìíràn. Bernhard Boser, Isabelle Guyon àti Vapnik ló so ó pọ̀ mọ́ májìn lọ́dún 1992. Nínú ìwé tí Cortes àti Vapnik tẹ̀ jáde lọ́dún 1995, ìlà lásán ṣe àṣìṣe 12 nínú nọ́mbà ọgọ́rùn-ún tí wọ́n fọwọ́ kọ. Kẹ́nẹ́ẹ̀lì méjì-méjì mú un wálẹ̀ sí 4.7, mẹ́ta-mẹ́ta mú un wá sí 4.4. Iye sọ́pọ́ọ̀tì fẹ́kítọ̀ wọn kò sì fò sókè bí àyè náà ṣe ń tóbi, ìyẹn ló sì fà á tí ẹ̀rọ náà kò fi há gbogbo àwòrán sórí lásán.

Kẹ́nẹ́ẹ̀lì tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò báyìí ni èyí tí wọ́n ń pè ní `rbf`. Ó ń wọn bí àmì méjì ṣe jìnnà síra wọn, ó sì ń dá nọ́mbà kan padà: 1 bí wọ́n bá wà lójú kan náà, ó ń sún mọ́ òdo bí wọ́n bá ṣe ń jìnnà síra. Bó ṣe ń yára wálẹ̀ tó wà lọ́wọ́ nọ́mbà kan tó ń jẹ́ `gamma`. Ẹ mú òdòdó méjì tí ìwọ̀n 0.1 sẹ̀ǹtímítà péré wà láàárín wọn. Bí `gamma` bá jẹ́ 1, ìjọra wọn jẹ́ 0.99. Bó bá jẹ́ 100, ó ti wálẹ̀ sí 0.37. Bó bá jẹ́ 10,000, ó ti di òdo tán, ká sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Lójú SVM, òdòdó méjì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba kò jọra wọn mọ́ rárá.

Ibi tí mo ti ń rí i tí iṣẹ́ ń bàjẹ́ jù nìyí. Bí kò bá sí òdòdó tó jọ òmíràn, gbogbo wọn ló máa wà létí ààlà, gbogbo wọn ló sì máa di sọ́pọ́ọ̀tì fẹ́kítọ̀. Lórí dátà tó fi kọ́ ẹ̀kọ́, á gba 100 nínú 100. Lórí dátà tuntun, bíi pé ó ń dá owó sókè ló rí. Kí n tó wo ohunkóhun mìíràn, `m.n_support_` ni mo máa ń kọ́kọ́ tẹ̀. Bó bá sọ fún mi pé èyí tó pọ̀ jù nínú dátà ló ń di ìlà mú, ìlérí tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan nípa mímú òdòdó kọ̀ọ̀kan kúrò kò ní ìtumọ̀ mọ́. Mo máa ń dín `gamma` kù ní ìdá mẹ́wàá-mẹ́wàá, mo máa ń yẹ C wò bákan náà, mo sì ń wo èsì lórí dátà tí kò rí rí.

Nígbà mìíràn, `gamma` kọ́ ló fà á, ìwọ̀n ni. Bí ẹnì kan bá kọ gígùn ní mìlímítà tó sì kọ fífẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà, àlàfo gígùn láàárín òdòdó etí ààlà méjèèjì á di 11, ti fífẹ̀ á ṣì jẹ́ 0.7. Fífẹ̀ ti di aláìlẹ́nu nìyẹn nínú ìfiwéra èyíkéyìí, SVM kò sì ní kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká kọ́kọ́ fi `StandardScaler` mú gbogbo ìwọ̀n dọ́gba, ká sì jẹ́ kó kọ́ ìwọ̀n náà lára dátà ìkẹ́kọ̀ọ́ nìkan.

Ohun kan wà tí kò sí ọgbọ́n tó lè yẹ̀ ẹ́ pátápátá. Níwọ̀n bó ti jẹ́ pé ìfiwéra méjì-méjì ni kẹ́nẹ́ẹ̀lì ń jẹ, iye ìfiwéra náà ń pọ̀ ju iye dátà lọ fíìfíì. Òdòdó 10,000 jẹ́ ìfiwéra mílíọ̀nù lọ́nà ọgọ́rùn-ún. Bí a bá kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní báìtì mẹ́jọ-mẹ́jọ, ó jẹ́ 800 mẹ́gábáìtì. Sọ òdòdó di 100,000, ó ti di 80 gígábáìtì. Ètò bíi LIBSVM kì í kó gbogbo rẹ̀ sínú mẹ́mọ́rì lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń ṣírò èyí tó bá nílò, ṣùgbọ́n àkókò ni yóò fi san án. Bí dátà mi bá jẹ́ ọgọ́rùn-ún mélòó kan tàbí ẹgbẹ̀rún díẹ̀, tí mo sì fẹ́ mọ àwọn wo gan-an nínú wọn ló ṣòro láti pín, `SVC` ni mo máa ń mú. Bó bá ti ń lọ sí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún, mo máa ń fi kẹ́nẹ́ẹ̀lì sílẹ̀, mo máa ń lo `LinearSVC`, tí ń wá ìlà rẹ̀ tààrà láìfi àwọn àmì wéra ní méjì-méjì.